Ta Ló Mú Ọjà Tà?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà kò ju lẹ́tà méjì lọ: "mú". Ìwé àtijọ́ ni mo ń palẹ̀ mọ́ tí mo fi rí ẹ̀dà àkọ́kọ́ iṣẹ́ ìwádìí tí mo ṣe nígbà tí mo ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ní ojú ewé àbájáde, gbólóhùn kan wà tí inú mi dùn sí gan-an lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́: "Kíkọ ọjà sílẹ̀ ń mú kí ọlọ́jà tà sí i." Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ "mú", ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: "Ta ló sọ fún ọ?"

Ìbéèrè yẹn bí mi nínú nígbà náà. Ta ló sọ fún mi bí kì í ṣe ọgọ́ta ọlọ́jà tí mo fẹsẹ̀ rìn tọ̀ lọ nínú oòrùn? Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ yàtọ̀.

## Kòtò wà nílẹ̀

Iṣẹ́ náà rọrùn lójú. Mo wọ ọjà kan, mo bi ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan bóyá ó máa ń kọ ohun tó bá tà sílẹ̀, mo sì bi í ní iye tó tà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wá 30 tó ń kọ ọ́ àti 30 tí kì í kọ ọ́. Kí n má bàa da owó rẹpẹtẹ sílẹ̀ níwájú yín, ẹ jẹ́ kí n pe ìpíndọ́gba ohun tí àwọn 60 náà tà ní 100, kí n sì yí nọ́ńbà yòókù sí èyí tó rọrùn láti gbé dání.

Àwọn tó ń kọ ọjà sílẹ̀ tà tó 128. Àwọn tí kì í kọ ọ́ tà tó 72. Ó kù díẹ̀ kó di ìlọ́po méjì. Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì gbé `p < 0.001` jáde, inú mi wá dùn bí ẹni tó rí ìṣúra. Ohun tí èyí ń sọ ni pé, bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan láàárín irú ọlọ́jà méjèèjì, kò ní í tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000 ìgbà tí àwọn tí a bá ṣàdédé mú yóò fi àlàfo tó tóbi tó báyìí hàn. Mo ka èyí sí ẹ̀rí pé mo ti jàre.

Mo jàre lórí ohun kan ṣá: àlàfo náà kì í ṣe ti oríire lásán. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí náà parí sí. Ó jẹ́rìí pé kòtò wà nílẹ̀. Kò sọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lo irú nọ́ńbà yìí, àwọn tó kàwé jù mí lọ pàápàá, ni mo ti rí tí wọ́n fo odò yìí láìmọ̀ pé odò wà níbẹ̀.

Èmi fò ó, mo sì lọ ra ogún ìwé tuntun. Bí ìwé bá ń mú ọjà tà, ẹ jẹ́ ká kúkú pín ìwé fún àwọn tí kò ní.

## "Kí ni n ó kọ sí i?"

Ìyá Olówùú jókòó ní ìlà tó kángun sí ògiri ẹ̀yìn. Òwú ìránṣọ, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì ló ń tà. Nínú àwọn ìwé ìbéèrè mi, òun ni nọ́ńbà 41: kì í kọ ọjà sílẹ̀, ọjà rẹ̀ sì kéré. Lójú mi, òun gan-an ni ẹni tí ìwé yẹ.

"Ẹ kú ọjà o, mà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé ìbéèrè tún ṣẹ́kù ni?"

"Rárá, mà. Ìwé ni mo mú wá fún yín, kí ẹ lè máa kọ ohun tí ẹ bá tà."

Ó gba ìwé náà, ó fi àtàńpàkò ṣí ewé rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò, ó sì gbójú sókè. "Kí ni n ó kọ sí i?"

"Ohun tí ẹ bá tà, mà."

"Ẹni tó ra òwú kan san owó òwú kan. Ó ti mú òwú rẹ̀ lọ, owó ti wà lápò mi. Kí ló wá kù tí n ó kọ?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní àwọn tó ń kọ ọ́ ń tà ju àwọn tí kì í kọ ọ́ lọ, mo tilẹ̀ ka nọ́ńbà fún un. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó kàn na ọwọ́ sí ìlà iwájú, níbi tí ọkùnrin kan ti ń to ìdì aṣọ léra wọn. "Èyí tó ń ta ìdì aṣọ yẹn wà nínú àwọn tó ń kọ ọ́, àbí? Ṣé o bi í ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀?"

N kò bi í. Ìbéèrè mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé mi. Mo béèrè ọjọ́ orí, mo béèrè iye ọdún lẹ́nu òwò, mo béèrè iye wákàtí tí wọ́n fi ń jókòó lọ́jà. Kò sí ìbéèrè kankan tó sọ pé: ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, kí ló sì dé?

"Lọ bi í," ni ó wí.

Ojú ń tì mí díẹ̀, ni mo bá ra òwú méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí n má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Owó ọwọ́ mi tóbi jù, kò rí ṣéńjì fún mi. Ó ní kí n máa mú òwú lọ, kí n mú owó rẹ̀ wá nígbà tí mo bá tún ń kọjá.

Ọkùnrin onídìí aṣọ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi í. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún lòun fi tajà láìní ìwé. Nígbà tí àwọn alágbàtà wá ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ òun, tí ẹni mẹ́jọ, ẹni mẹ́wàá ń kó ìdì lọ láwìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀kan nínú wọn sọ lọ́jọ́ kan pé òun ti san gbèsè tí kò tíì san. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ọjọ́ kejì ló ra ìwé.

"Kì í ṣe ìwé ló kó wọn wá bá mi," ó ní. "Àwọn ni wọ́n kó ìwé wá."

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba òwe mọ́ lẹ́nu. Gbogbo ohun tí mo ti kọ wà bó ṣe wà, nọ́ńbà kankan kò yí padà, síbẹ̀ gbólóhùn mi ti dojú délẹ̀. Títà ló ṣíwájú, ìwé ló tẹ̀ lé e. Ìwádìí tí mo ṣe dà bí àwòrán tí èèyàn yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ènìyàn méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwòrán kò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé fún ọ. Ohun tí mo béèrè lọ́jọ́ kan náà ni mo tò bí ẹni pé ọ̀kan bí èkejì.

## Ìdì mẹ́rin nílẹ̀ẹ́lẹ̀

Ẹnì kan kò tó láti fi dá gbogbo ọjà lẹ́jọ́. Ó lè jẹ́ pé onídìí aṣọ nìkan ni tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tú àwọn ìwé ìbéèrè sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí tún wọn tò. Mo ti béèrè ohun kan tí n kò lò rárá: ta ni wọ́n ń tajà fún? Àwọn kan ń tà lọ́pọ̀ fún alágbàtà tí yóò lọ tún un tà, àwọn kan ń tà lẹ́yọlẹ́yọ fún ẹni tó fẹ́ lò ó.

Ìdì mẹ́rin ni mo tò. Nínú àwọn 24 tó ń tà lọ́pọ̀, 20 ń kọ ọjà sílẹ̀, 4 kì í kọ ọ́. Nínú àwọn 36 tó ń tà lẹ́yọlẹ́yọ, 10 péré ló ń kọ ọ́, 26 kì í kọ ọ́. Kí n tilẹ̀ tó ṣírò ohunkóhun, bí àwọn ìdì náà ṣe ga sí ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìdì "àwọn tó ń kọ ọ́" tí mo ti ń pè ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀ kún fún àwọn tó ń tà lọ́pọ̀. Ìdì kejì kún fún àwọn ẹlẹ́yọ. Mo rò pé mò ń fi ẹni tó ní ìwé wé ẹni tí kò ní. Ní ti gidi, ọlọ́jà ńlá ni mò ń fi wé ọlọ́jà kékeré.

Mo wá ṣírò ti ìdì kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwọn tó ń tà lẹ́yọlẹ́yọ, àwọn tó ń kọ ọ́ tà tó 61, àwọn tí kì í kọ ọ́ tà bíi 60. Kò sí ohun tó wà láàárín wọn. Láàárín àwọn tó ń tà lọ́pọ̀, àwọn tó ń kọ ọ́ tà tó 162, àwọn tí kì í kọ ọ́ tà tó 150. Ẹ lè sọ pé 12 ṣì kù níbẹ̀. Ó kù, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin péré ló gbé 150 yẹn ró. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàìsàn lọ́sẹ̀ náà tí kò wá sọ́jà fún ọjọ́ méjì, òun nìkan tó láti fà á wálẹ̀. Àlàfo 56 tí mo fi ń yangàn ti yọ́ bí iyọ̀ tó bọ́ sómi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí àwọn àgbà máa ń wí, tí mo ti gbọ́ láti kékeré láì rò ó jinlẹ̀: òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ẹni tó bá rí ẹyẹlé àti adìẹ lábẹ́ òrùlé kan lè sọ pé ọ̀kan ló pe èkejì wá, tàbí pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Òjò tó lé àwọn méjèèjì wọlé kò sí nínú ohun tó ń wò. Nínú ọjà mi, títà lọ́pọ̀ fún alágbàtà ni òjò. Òun ló ń mú kí ọjà pọ̀, nítorí pé odidi ìdì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Òun náà ló ń mú kí ìwé wúlò, nítorí pé àwìn ló bá a wá. Ìwé àti títà bá ara wọn rìn, òjò kan náà ló sì pa wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ti rọ̀ sórí nǹkan méjì tí òun ń wò ní láti ṣe ohun tí mo ṣe lórí ilẹ̀ yẹn: kó wá ohun kẹta tó lè fa méjèèjì, kó pín àwọn èèyàn rẹ̀ sí abala gẹ́gẹ́ bí ohun kẹta náà, kó wá wò ó bóyá ìbárìn náà ṣì wà láàárín abala kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá parẹ́, ó ti rí òjò. Bí kò bá parẹ́, kò tíì yẹ kó yọ̀, torí òjò mìíràn lè wà tí kò béèrè rí. Èyí ni ibi tí ọ̀nà yìí kù sí. Ohun tí o béèrè nìkan lo lè fi pín in. Ká ní mi ò ṣèèṣì béèrè ẹni tí wọ́n ń tà fún ni, èmi ì bá ṣì máa pín ìwé kiri títí dòní.

## Àwọn tó kọ́kọ́ wojú ọ̀run

Nǹkan mìíràn tún yọ sí mi bí mo ṣe jókòó ti àwọn ìwé náà, èyí tí mo rò pé kì í sábà wá sí àwọn èèyàn lọ́kàn. Nígbà tí mo bi ọlọ́jà ní iye tó tà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ní ìwé ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kà á fún mi. Ẹni tí kò ní ìwé wojú ọ̀run díẹ̀, ó ní, "Á tó báyìí ṣá."

Mo yẹ àwọn ìdáhùn náà wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn oníwèé rí ságiṣàgi, bí nọ́ńbà tòótọ́ ṣe máa ń rí. Ti àwọn tí kò ní ìwé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló parí sí òdo tàbí àárùn-ún. Bí ẹ bá rí i tí nọ́ńbà ń kóra jọ sórí òdo àti àárùn-ún bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé iyè ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, wọn ò kà á. Èyí sì burú ju àṣìṣe lásán lọ, nítorí pé ìwé tí mo fẹ́ wọn agbára rẹ̀ gan-an ló ti di òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn apá kan, tí apá kejì kò sì ní i. Bí àwọn tó ń fojú dá a bá ń dín in kù díẹ̀, ìwé yóò dà bí ohun tó ń mú ọjà tà láìjẹ́ pé òwú kan ṣoṣo tà sí i. Bí wọ́n bá sì ń bù mọ́ ọn, 61 àti 60 mi yẹn pàápàá lè máa fi ìyàtọ̀ tòótọ́ kan pamọ́. Mi ò lè búra sí apá kankan.

## Àjẹ́ ké lánàá

Bí a bá ní òwe òjò, a tún ní èkejì rẹ̀ tó lágbára jù ú lọ lẹ́nu wa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ohun tí mo kíyè sí nípa òwe yìí ni pé ìbéèrè ló fi parí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi í béèrè nǹkan. Ẹni tó bá pa á ti dájọ́ tán ni. "Ta ni kò mọ̀" yẹn ló máa ń pa ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká to òwe náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí mo ṣe to ọlọ́jà. Ìdì kan péré ló fi hàn wá: igbe wà, ikú wà. Alẹ́ mélòó ni igbe dún tí gbogbo ọmọ jí ire? Ọmọ mélòó ló kú tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe? Alẹ́ mélòó ni kò sí igbe, tí kò sí ikú? Ìdì mẹ́ta yẹn kò sí nínú òwe, nítorí pé kò sí ẹni tó ń rántí òwúrọ̀ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò, èmi ka àwọn tó ń kọ ọ́ àti àwọn tí kì í kọ ọ́, àwọn tó tà púpọ̀ àti àwọn tó tà díẹ̀, mo sì tún ṣìnà. Kíka gbogbo ìdì ń sọ fún ọ bóyá nǹkan méjì ń bá ara wọn rìn lóòótọ́. Ohun tó so wọ́n pọ̀ jẹ́ ẹjọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan wà tí mo ń sá fún báyìí ju àjẹ́ lọ, òun ni ẹni tó kọ́ òwe òjò tán tó wá ń fi í sá fún gbogbo ẹ̀rí. Ronald Fisher, ọ̀kan lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìṣirò ìwádìí lélẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill tẹ ìwádìí kan jáde láti àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù, tó fi hàn pé àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń mu sìgá ju àwọn aláìsàn mìíràn lọ. Nígbà tí ọdún 1950 sí 1959 ń parí lọ, Fisher, tó ń mu tábà nínú ìkòkò fúnra rẹ̀, ta kò ó. Ó ní ó lè jẹ́ pé ohun kan nínú àbímọ́ èèyàn ló ń mú kó nífẹ̀ẹ́ sí sìgá, tó sì tún ń mú kí jẹjẹrẹ mú un. Òjò kan náà, àbí?

Èrò náà kò burú. Ohun tó burú ni pé ó dúró síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rí ti kọjá rẹ̀. Láti 1951 ni Doll àti Hill ti ń tẹ̀ lé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní 40,000: wọ́n kọ́kọ́ béèrè nípa sìgá, wọ́n sì ń dúró wo ohun tí yóò pa wọ́n. Wọ́n ti mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Bí sìgá ṣe ń pọ̀ ni ikú ń pọ̀, àwọn tó sì jáwọ́ ń rí ewu náà tó ń dín kù lórí wọn. Àbímọ́ kì í yí padà lọ́jọ́ tí èèyàn bá jáwọ́ nínú sìgá. Òjò tí Fisher ń wí yìí ní láti jẹ́ irú òjò tó ń dá rọ̀ sórí ẹni kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí iye sìgá tó mu.

## Ìwé mọ́kàndínlógún

Ohun tó dùn mí jù ni pé Fisher kan náà ló kọ́ ayé ní ọ̀nà tí ǹ bá fi rí ìdáhùn. Mo ní 26 ọlọ́jà ẹlẹ́yọ tí kì í kọ ọjà sílẹ̀. Mo lè ṣẹ́ kèké lórí wọn, kí n fún 13 níwèé, kí n fi 13 sílẹ̀, kí ẹnì kan sì máa bá apá méjèèjì ka ọjà lọ́nà kan náà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kèké kò mọ ọlọ́jà ńlá, kò mọ aláápọn, kò mọ ẹni tí òjò pa. Ìdí nìyẹn tó fi lè ya ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun gbogbo tó máa ń bá a rìn. Lóòótọ́, 13 sí 13 kéré. Àyàfi bí agbára ìwé bá pọ̀ gan-an ni yóò hàn. Ó ṣì sàn ju ohun tí mo ṣe.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo pín ìwé mọ́kàndínlógún tó kù fún ẹnikẹ́ni tó bá wá béèrè. Àwọn tó bá wá béèrè ìwé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọjà ni àwọn tí ara wọn ti yá sí òwò tẹ́lẹ̀. Mo tún ti da omi pọ̀ mọ́ òjò. Ní ojú ewé àbájáde, mo pa "mú" rẹ́, mo kọ ọ́ pé àwọn tó ń kọ ọjà sílẹ̀ ń tà jù, àti pé ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tí a bá ya àwọn tó ń tà lọ́pọ̀ sọ́tọ̀. Olùkọ́ mi kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ó tó oṣù kan kí n tó padà sọ́dọ̀ Ìyá Olówùú. Mo bi í bóyá ó ti ń lo ìwé náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó fà á yọ lábẹ́ pátákó ìpàtẹ, ó sì ṣí i fún mi. Ìlà kan ṣoṣo ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, gbogbo ìyókù funfun báláú: "Akẹ́kọ̀ọ́. Òwú méjì. Kò tíì san."